Oko Kì í Jẹ́ ti Bàbá àti Ọmọ Kó Má Ní Ààlà: Ilẹ̀ tí a fún ọmọ lójú ayé àti ilẹ̀ tí a kọ sínú ìwé ìhágún ní ilẹ̀ Ìgbómìnà

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ọ̀pọ̀ òbí ń rò tí wọn kì í fẹ́ sọ síta: ṣé kí n fún ọmọ mi nílẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà láyé, àbí kí n kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún kó di ẹ̀yìn ikú mi?

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé ọ̀nà méjèèjì já sí ibì kan náà, pé ọmọ ni yóò sáà ní ilẹ̀ náà bó pẹ́ bó yá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fún ọmọ nílẹ̀ lónìí ti pàdánù ilẹ̀ náà lónìí. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún kò tíì pàdánù nǹkan kan. Ó lè tà á lọ́la, ó lè fún ẹlòmíràn lọ́túnla, ọmọ kò sì ní ẹnu láti bi í. Láti inú ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ti jáde. Ẹ̀bùn tí olùfúnni kò yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ kì í dúró ní kóòtù. Ìwé ìhágún tí a fi pín ohun tí a kò láṣẹ lé lórí kì í dúró pẹ̀lú. Àwọn baba wa ti fi òwe kan tọ́ wa sọ́nà tipẹ́: oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ọmọ kó má ní ààlà. Ààlà yẹn ni a ń wá lónìí.

Ilẹ̀ ta ni?

Kí a tó béèrè bí a ó ṣe fún ọmọ nílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a béèrè bóyá ilẹ̀ náà jẹ́ tiwa láti fún un. Ní ọ̀pọ̀ agboolé tó wà ní Ìgbómìnà, oko tí bàbá ń ro kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Agboolé ló fún un ní ibi tí yóò máa ro, bí wọ́n ti fún bàbá rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó lè ti wà níbẹ̀ fún ogójì ọdún, kó gbin kajú, kó gbin ọ̀pẹ, kó kọ́ ahéré síbẹ̀. Ohun tó gbìn jẹ́ tirẹ̀, ẹ̀tọ́ láti máa lo ilẹ̀ náà sì jẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹbí. Àwọn kóòtù wa kò yí ohùn padà lórí èyí láti ayé òyìnbó: olórí ẹbí pàápàá kò lè dá fi ilẹ̀ ẹbí ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ ẹbí tà láìgba ìmọ̀ràn, ẹbí lè lọ sí kóòtù láti fagi lé ọjà náà, àmọ́ bí wọ́n bá jáfara, ó lè bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní ti ẹ̀bùn, ọ̀rọ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: bí olórí ẹbí bá dá ilẹ̀ ẹbí fi tọrẹ, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí olórí ẹbí kò bá lè ṣe é, mélòó mélòó ni bàbá kan ṣoṣo nínú ẹbí? Kò lè fi irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ lójú ayé, kò sì lè kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún. Òfin ìwé ìhágún ti Ìpínlẹ̀ Kwárà sọ ọ́ ní gbangba pé òfin náà kò kan ohun tí ẹni tó ń kọ ìwé kò ní agbára lé lórí nílàánà àṣà tó dè é. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ ọ́ pé òun fi oko agboolé sílẹ̀ fún ọmọ òun ọkùnrin, ìjà ló fi sílẹ̀ fún un. Ọ̀nà tó wà ni pé kí bàbá pe ẹbí jọ, kí ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọmọ náà rọ́pò òun lórí oko yẹn, kí àwọn àgbà sì gbà lójú gbogbo ayé. Ẹbí ló fún ọmọ nígbà náà, bàbá ṣe alágbàwí lásán ni.

Ilẹ̀ tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Láti ìgbà tí Yunifásítì Landmark ti ṣí ní Ọmù-Àrán ní 2011, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tó jẹ́ oko lánàá ti di ilẹ̀ ilé lónìí, àwọn tíṣà, àwọn oníṣòwò àti àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi sì ti ra tiwọn. Ẹni tó ní rìsíìtì, tó ní ìwé àdéhùn, tó sì ní àwòrán ilẹ̀ tí sọ̀féyọ̀ yà, tirẹ̀ ni. Ó lè fún ẹni tó bá wù ú láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní agboolé. Ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra: bí ó bá kú láìfún ẹnikẹ́ni, tí kò sì kọ ìwé kankan, ilẹ̀ tó dá rà yẹn yóò di ilẹ̀ ẹbí fún àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọ kan kò sì ní lè dá a tà mọ́.

Bí ẹ̀bùn ṣe ń di ẹ̀bùn

Nílàánà àṣà wa, kò pọn dandan kí ẹ̀bùn ilẹ̀ wà nínú ìwé kó tó múlẹ̀. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé. Èkíní, olùfúnni gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kedere pé òun ti fún un, kì í ṣe pé òun yóò fún un. Èkejì, ọmọ gbọ́dọ̀ gbà á, kí ó dúpẹ́, kí àwọn ẹlẹ́rìí sì gbọ́. Ẹ̀kẹta ni pé kí ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ẹ̀kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ti máa ń bà jẹ́.

Bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe é nìyí, kò sì tíì sí ọ̀nà tó dára jù ú lọ. Bàbá pe àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù, ó pe àwọn àgbà ẹbí méjì tàbí mẹ́ta, ó sì pe àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà. Gbogbo wọn rin ààlà náà yíká. Ibi tí pèrègún bá ti kú, wọ́n gbin òmíràn. Ibi tí òkúta ààlà bá ti rì, wọ́n hú u jáde. Bàbá sọ̀rọ̀, ọmọ dúpẹ́, wọ́n pa obì. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ọmọ ló ń pàṣẹ níbẹ̀.

Ẹ wo ìdí tí àwọn tó ń pààlà fi ṣe pàtàkì ju ọ̀rẹ́ bàbá lọ. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, adájọ́ yóò béèrè ibi tí ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Ọ̀rẹ́ tó wà ní ibi obì lè rántí ọ̀rọ̀ tí bàbá sọ, ṣùgbọ́n ẹni tí oko rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni yóò lè nàka sí igi tó wà ní ààlà. Ẹni tó bá sọ pé wọ́n fún òun nílẹ̀ tí kò lè fi ààlà rẹ̀ hàn, ó ṣòro kí kóòtù dá a láre.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ? Ẹ má wo ohun tí bàbá ń sọ, ẹ wo èso. Bí oko kajú bá ni, ta ló ń ṣà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ta ló sì ń gba owó rẹ̀? Bí àgbẹ̀ tó jẹ́ àlejò bá ń dáko níbẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ló ń mú ìṣákọ́lẹ̀ lọ? Bí bàbá bá sọ pé òun ti fún ọmọ láti ọdún mẹ́wàá, tó sì jẹ́ pé òun náà ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ di ọjọ́ ikú rẹ̀, àwọn àbúrò ọmọ yẹn ní ọ̀rọ̀ tó lágbára láti sọ ní kóòtù.

Ibòmíràn tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni ilé kíkọ́. Bàbá sọ fún ọmọ pé, “Lọ kọ́ ilé sí ẹ̀yìn ilé mi.” Ọmọ kọ́lé, ó gbé inú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Ṣé wọ́n ti fún un nílẹ̀ nìyẹn? Kò dájú. Gbígba ọmọ láyè láti kọ́lé jẹ́ ohun kan, fífún un nílẹ̀ jẹ́ ohun mìíràn, àṣà wa sì kún fún àwọn ọmọ tó kọ́lé sórí ilẹ̀ bàbá wọn tí ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti gbogbo ọmọ. Ilé lè jẹ́ ti ẹni tó kọ́ ọ, kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ má jẹ́ tirẹ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ da owó ńlá sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí bàbá sọ èwo nínú méjèèjì ni, lójú àwọn ọmọ yòókù, kí wọ́n tó da kankéré.

Òótọ́ ni pé àṣà kò béèrè ìwé, ṣùgbọ́n ayé tí a wà yìí ń béèrè rẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 sọ pé ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kò gbọdọ̀ gbé e fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ náà. Bí ó bá sì jẹ́ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àṣẹ gómìnà, gómìnà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Òfin náà kò sọ pé títà nìkan ni. Gbígbé ilẹ̀ fúnni lọ́nà yòówù wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rin ààlà tán, kí wọ́n lọ bá lọ́yà kó kọ ìwé ẹ̀bùn ilẹ̀, kí sọ̀féyọ̀ ya àwòrán èyí tí wọ́n gé fún ọmọ náà gan-an, kí wọ́n gba àṣẹ, kí wọ́n sì forúkọ ìwé sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀. Bí bàbá kò bá mọ̀wé, ìwé náà gbọ́dọ̀ sọ pé wọ́n kà á fún un ní èdè Yorùbá, ó sì yé e, kó tó tẹ ìka. Àìsí gbólóhùn kékeré yìí ti fún ọ̀pọ̀ ẹni láyè láti sọ pé bàbá kò mọ ohun tó tẹ ìka sí.

Ìwé tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ikú

Ìwé ìhágún kò ní agbára kankan níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó kọ ọ́ bá wà láyé. Ibẹ̀ ni àǹfààní rẹ̀ wà. Bàbá tó ń ṣàìsàn lè ta ilẹ̀ tó kọ sí orúkọ ọmọ láti fi ra oògùn, kò sì sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ó lè kọ ìwé tuntun bí ọmọ bá yí ìwà padà. Bí ó bá kọ ilẹ̀ kan fún ọmọbìnrin rẹ̀, tó wá fi ilẹ̀ yẹn kan náà lé ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́ lójú ayé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ti ọmọkùnrin ni. Nígbà tí ìwé bá máa sọ̀rọ̀, ilẹ̀ náà kò sí lára ohun tí bàbá ní mọ́.

Bí a ṣe ń kọ ọ́ ni ó le. Ẹni tó ń kọ ọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i tàbí kí ó tẹ ìka níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí àwọn méjèèjì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú rẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí kan bá fọwọ́ sí i ní àárọ̀, tí wọ́n wá gbé e lọ bá èkejì ní ìrọ̀lẹ́, ìwé náà ti bàjẹ́. Ẹ̀wẹ̀, ọmọ tí a fi ilẹ̀ fún nínú ìwé kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ tàbí aya rẹ̀. Ìwé náà kò ní bàjẹ́ nítorí èyí, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fún ọmọ yẹn nínú rẹ̀ yóò di òfo. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ nílé wa, nítorí ọmọ tó sún mọ́ bàbá jù, tó ń gbé e lọ sí ọsibítù, ni wọ́n sábà máa ń pè pé kó wá fọwọ́ sí i.

Lẹ́yìn ikú, ìwé kì í sáré ṣiṣẹ́. Àwọn alábòójútó ogún tí bàbá yàn gbọ́dọ̀ mú un lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga láti gba àṣẹ, kí wọ́n ka gbogbo dúkìá rẹ̀, kí wọ́n san owó tó tọ́, kí wọ́n sì dúró de ẹni tó bá fẹ́ takò ó. Títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí, ọmọ tí a fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún kò lè tà á, kò sì yẹ kó kọ́lé síbẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ tún fi ohun kan kún un: ìwé ìhágún kò lè dá oríṣiríṣi ẹ̀tọ́ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ kan, kí gbogbo ẹ̀tọ́ bàbá lórí gbogbo ilẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó fi sílẹ̀ fún ni ó gbà. Bàbá tó bá fẹ́ fi ìwé pín ilé kan sí yàrá-yàrá, pé yàrá méjì tó kọjú sí títì jẹ́ ti ẹni báyìí, ti ẹ̀yìn jẹ́ ti ẹni báyìí, ń kọ ẹjọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Mùsùlùmí ní Kwárà

Ibí ni kí ẹ ti dẹ etí jù, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìgbómìnà ló jẹ́ Mùsùlùmí, ohun tí a sì ń gbọ́ lẹ́nu lọ́yà tó wà ní Èkó kì í ṣe òfin tó ń ṣiṣẹ́ níbí.

Ní 1971, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò mọ̀ sí Adesubokan àti Yunusa. Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé ní Àríwá ti kọ ìwé ìhágún nílàánà òfin Gẹ̀ẹ́sì ti 1837, kò sì fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọgbọọgba. Ọmọ tí tirẹ̀ kéré lọ sí kóòtù pé òfin Ìsìláàmù kò gba bàbá láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Gíga gbè é lẹ́yìn. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ yí ìdájọ́ náà padà: wọ́n ní òfin 1837 fún bàbá ní àṣẹ láti fi ohun ìní rẹ̀ fún ẹni tó wù ú, Mùsùlùmí ni o, Kìrìsìtẹ́nì ni o.

Ìpínlẹ̀ Kwárà wá ní òfin tirẹ̀ lẹ́yìn náà. Òfin yẹn yọ ìwé ìhágún ẹni tó wà lábẹ́ òfin Ìsìláàmù nígbà tó kú kúrò nínú ohun tó lè ṣiṣẹ́ lé lórí. Wọ́n dán an wò nínú ẹjọ́ Ajibaiye, èyí tó jáde nínú ìwé ìdájọ́ ní 2007. Olóògbé jẹ́ Mùsùlùmí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òfin Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n fi pín ohun ìní òun. Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní kò lè rí bẹ́ẹ̀: Mùsùlùmí ni ní ìgbà tó kú, òfin Kwárà kò sì fún un láyè láti fi ìwé ìhágún kúrò lábẹ́ òfin ẹ̀sìn rẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe gé Ìgbómìnà sí méjì. Àwọn ará wa tó wà ní Ìlá Ọ̀ràngún wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, òfin ìwé ìhágún wọn sì ti inú òfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti 1958 wá. Ní ti àṣà ìbílẹ̀, òfin yẹn pa á láṣẹ pé ìwé kò gbọdọ̀ tàpá sí i, ṣùgbọ́n kò ní gbólóhùn tó yọ Mùsùlùmí sọ́tọ̀ bíi ti Kwárà. Ìran kan náà, èdè kan náà, ìyàtọ̀ ìpínlẹ̀ lè mú kí ìwé tó dúró lọ́hùn-ún má lè dúró níbí.

Kí ni Mùsùlùmí ará Ọmù-Àrán tàbí Èsìẹ́ lè ṣe nígbà náà? Òfin Ìsìláàmù ti ẹ̀kọ́ Málíkì, èyí tí àwọn àlùfáà wa ń tẹ̀lé, gba wàsíyà láyè títí dé ìdá kan nínú mẹ́ta, fún ẹni tí kì í ṣe ajogún. Ọmọ jẹ́ ajogún, nítorí náà wàsíyà kò lè fi kún ìpín rẹ̀ àfi bí àwọn ajogún yòókù bá gbà lẹ́yìn ikú bàbá. Ẹni tí wàsíyà tọ́ sí ni irú ọmọ-ọmọ tí bàbá rẹ̀ ti kú ṣáájú, tí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá rẹ̀ lọ́kùnrin sì dí i lọ́nà ogún.

Bí bàbá bá fẹ́ fi ilẹ̀ kan fún ọmọ kan pàtó, ẹ̀bùn ojú ayé nìkan ló kù. Òfin Málíkì sì le lórí gbígbà. Ẹ̀bùn tí ọmọ kò tíì gbà sọ́wọ́ kí bàbá tó kú ti bàjẹ́, yóò padà sínú ogún. Ẹ̀bùn tí bàbá ṣe lórí àìsàn tó pa á, wọn yóò kà á sí wàsíyà, ọmọ tó jẹ́ ajogún kò sì ní rí i gbà bí àwọn yòókù bá kọ̀. Bí bàbá bá fún ọmọ ní ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé, tí kò sì kó jáde, wọn yóò ní kò tíì fún un. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀sìn ń rọ bàbá gidigidi pé kí ó ṣe déédéé láàárín àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tó bá ń fúnni, nítorí náà kí ó má ṣe fi ẹ̀bùn ṣe ohun tí kò lè fi wàsíyà ṣe láìnídìí tó yé gbogbo ilé.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ilé kan wò

Ẹ jẹ́ kí a mú bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún 74. Ó ní ìyàwó méjì. Ìyá àgbà bí obìnrin méjì àti ọkùnrin kan. Ìyá kékeré bí obìnrin kan àti ọkùnrin kan. Ó ń dá oko kajú éékà mẹ́rin lórí ilẹ̀ agboolé. Ó fi owó oṣù rẹ̀ ra pulọ́ọ̀tì méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 100 ní gígùn. Ó sì ń gbé nínú ilé tó kọ́ sórí ilẹ̀ tó rà. Ó fẹ́ kí pulọ́ọ̀tì kan jẹ́ ti àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, aránṣọ tó ń tọ́jú rẹ̀. Kí èkejì jẹ́ ti ọmọkùnrin rẹ̀ tó wà ní Èkó. Kí ilé jẹ́ ti gbogbo wọn.

Bí bàbá yìí bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, oko kajú kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé kankan. Kí ó bá agboolé sọ ọ́. Pulọ́ọ̀tì ti aránṣọ ni kí ó fún un lójú ayé, nítorí ọmọ náà wà nítòsí, ó lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gbogbo ìlú yóò sì rí i pé òun ló ni ín. Rírin ààlà, ìwé ẹ̀bùn, àwòrán ilẹ̀, àṣẹ, ìforúkọsílẹ̀: bí wọ́n bá ṣe é tán, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ takò lẹ́yìn ikú bàbá. Pulọ́ọ̀tì ti ará Èkó, ìwé ìhágún ló tọ́ sí i. Ọmọ náà kò tíì ṣe tán láti lò ó, bàbá sì lè nílò owó rẹ̀ bí àìsàn bá dé. Bí ó bá fún un lónìí, ó ti já okùn tó fẹ́ dì mú. Ilé tí ó ń gbé, ìwé ìhágún náà ni, fún àwọn ọmọ márààrún lápapọ̀, kí ó yan alábòójútó méjì, kí ó má pín yàrá.

Bí kò bá kọ ìwé rárá, àṣà ni yóò pín in. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, tó ti Èkó dé ilé-ẹjọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó sì parí ní 1962, olóògbé ní ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án. Wọ́n dá a pé ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, ọ̀nà mẹ́rin ni kí wọ́n pín in sí. Wọ́n tún ní orí-ò-jorí wà fún olórí ẹbí láti lò bí ìdí-igi bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Nílé tíṣà wa yìí, ìdí-igi túmọ̀ sí ìdajì fún ọmọ mẹ́ta ìyá àgbà, ìdajì fún ọmọ méjì ìyá kékeré. Ọmọ ìyá àgbà kọ̀ọ̀kan yóò ní ìdá kan nínú mẹ́fà, ọmọ ìyá kékeré kọ̀ọ̀kan yóò ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí èyí kò bá jẹ́ ohun tí bàbá fẹ́, kí ó sọ ọ́ nísinsìnyí.

Bí bàbá yìí kan náà bá jẹ́ Mùsùlùmí, oko kajú ṣì jẹ́ ti agboolé, ẹ̀bùn ti aránṣọ ṣì dúró bí ó bá gbà á sọ́wọ́ nígbà tí ara bàbá le. Ti ará Èkó ni yóò yí padà. Ìwé ìhágún kò lè gbé pulọ́ọ̀tì yẹn fún un. Bí bàbá bá ń fẹ́ ẹ fún un ní tòótọ́, kí ọmọ wá sílé, tàbí kí ó yan aṣojú, kí wọ́n fi ilẹ̀ lé e lọ́wọ́ lójú ẹlẹ́rìí, kí ó mọ ògiri yí i ká tàbí kí ó fi ẹni tí yóò máa dáko sí i, tí yóò sì máa jíyìn fún ọmọ. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kò tó. Bàbá náà yóò pàdánù àǹfààní àti tà á bí àìsàn bá dé, kí ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó ṣe é.

Ilé rẹ̀, kí ó fi sílẹ̀ fún òfin ogún. Bí àwọn òbí rẹ̀ bá ti kú, tí àwọn ìyàwó méjèèjì àti ọmọ márààrún sì wà láyé, ìdá mẹ́jọ ni wọn yóò pín in sí. Ìyàwó méjèèjì yóò jọ gba ìdá kan, obìnrin kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yóò gba ìdá kan, ọkùnrin kọ̀ọ̀kan yóò gba ìdá méjì. Ẹ kíyè sí i pé níhìn-ín àwọn ìyàwó ní ìpín. Nílàánà àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ rẹ̀. Bí àríyànjiyàn bá sì ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀bùn, wàsíyà tàbí ogún Mùsùlùmí, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti fún Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ṣàríà ní Ìlọrin ní àṣẹ lórí rẹ̀.

Èwo ni kí a mú?

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè pé èwo ló dára jù, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta ní títẹ̀léra. Ṣé ilẹ̀ yìí jẹ́ tèmi nìkan? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹbí ni kí ẹ lọ, ẹ má lọ sọ́dọ̀ lọ́yà. Ṣé mo ṣe tán láti má ṣe ní í mọ́ láti òní lọ, kí n má gba kóbọ̀ lórí rẹ̀ mọ́? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ fún ọmọ lójú ayé, kí ẹ rin ààlà. Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ má ṣe dọ́gbọ́n pè é ní ẹ̀bùn. Ìbéèrè kẹta ni èyí: òfin wo ni yóò pín ogún mi? Kìrìsìtẹ́nì àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ tó ń gbé ní Kwárà lè kọ ìwé ìhágún lórí ohun tí wọ́n dá ní. Mùsùlùmí tí kò bá fún ọmọ lójú ayé ti gbà pé òfin ogún ni yóò pín in, kò sì yẹ kó fi ìwé tí kò ní dúró tan ọmọ rẹ̀ jẹ.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù ni ẹ̀yin tí ẹ ti sọ ọ́ lẹ́nu fún ọmọ kan pé, “Ìwọ ni mo fún,” tí ẹ kò sì tíì ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ yẹn ti ń gbé ayé rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yẹn. Ó lè ti kọ iṣẹ́ kan nítorí rẹ̀, ó lè ti ra búlọ́ọ̀kù kalẹ̀. Ẹ pe àwọn tó bá yín pààlà kí ọdún yìí tó parí, tàbí kí ẹ sọ fún ọmọ náà pé ẹ kò tíì fún un. Èyíkéyìí nínú méjèèjì sàn ju kí ó di ọjọ́ ìsìnkú kí ó tó mọ̀.